Owó tán, gbèsè kù: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lórí bí a ṣe ń tún ètò owó ṣe láti ilẹ̀

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ mi ni kí n gba owó, kí n yá owó, kí n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ń wá jókòó tì mí jù ni àwọn tí òwò wọn ti dẹnu kọlẹ̀, àti àwọn tí ibi iṣẹ́ ti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ìbéèrè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì máa fi ìṣirò obìnrin ẹlẹ́ja kan ṣe àpẹẹrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbà kí n sọ ọ́, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ òun.

Níbo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Nínú ìwé. Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí o kọ gbogbo ẹni tí o jẹ lówó sínú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kọ iye tó kù, bóyá èlé ń gorí rẹ̀, ẹni tó ṣe onídùúró fún ọ, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí oṣù méjì bá kọjá tí o kò san nǹkan kan. Ìbéèrè kẹrin yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun náà sì ni a máa fi to gbogbo rẹ̀ bó bá yá.

Nígbà tí ẹlẹ́ja yìí wá, ó ní òun jẹ gbèsè "tó mílíọ̀nù méjì." Kò sùn mọ́ lóru. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ń gbọ̀n rìrì ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. A kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń já ẹja fún un láwìn, ₦480,000. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ₦350,000, ṣùgbọ́n owó ìfipamọ́ tirẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ ₦150,000. Báǹkì máíkírò tó gba lóònù ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ₦300,000. Onílé ìsọ̀, ₦120,000. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ₦100,000. Lóònù orí fóònù méjì, ₦90,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,440,000. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe mílíọ̀nù méjì. Ó wo ìwé náà títí, ó ní kí n tún un rò. Mo tún un rò, iye kan náà ló jáde.

Ẹni tó ń pariwo jù ni mo máa ń kọ́kọ́ san fún kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀?

Kò dáa. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí, òun ló ń ba ètò owó jẹ́ jù lọ, ju gbèsè náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń pariwo lè jẹ́ ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò ní èlé rárá, nígbà tí ti ẹni tó dákẹ́ ń wú lójoojúmọ́ bí ìyẹ̀fun inú omi gbígbóná.

Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí. Oúnjẹ ilé ló ṣáájú, torí àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tí ebi ń pa yóò tún lọ yá owó, ìyẹn ló sì máa fọ́ gbogbo ohun tí a tò. Lẹ́yìn oúnjẹ ni gbèsè tí èlé rẹ̀ ń sáré jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí yóò já lé ẹlòmíràn lórí, bíi lóònù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣe onídùúró fún. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí bí o bá bà á jẹ́, o ti ti ilẹ̀kùn tí wàá gbà padà sẹ́nu òwò. Ti ẹbí ló kẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí o dákẹ́ sí wọn o. Ẹbí lè dúró bí wọ́n bá mọ ìdí tí wọ́n fi ń dúró.

Kí ni kí n tà, kí sì ni n kò gbọdọ̀ tà?

Ta ohun tó ń jẹ owó. Fi ohun tó lè pa owó wọlé fún ọ láàárín oṣù mẹ́ta sílẹ̀.

A jọ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Fìrísà ńlá méjì ló wà níbẹ̀ àti kékeré kan. Ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn ńlá náà, omi ẹ̀jẹ̀ ẹja ti gbẹ pa sí ìdí rẹ̀, bébà ìròyìn tó tẹ́ síbẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Páálí mọ́kànlá ló bàjẹ́ sínú rẹ̀ nígbà tí iná lọ fún ọjọ́ márùn-ún tí owó epo jẹnẹrétọ̀ kò sì sí. Níbẹ̀ ni ó ti dúró tó ń sunkún. Mo jẹ́ kó sun ún.

A ta fìrísà ńlá méjèèjì ní ₦260,000 lẹ́yìn tí ó fi ọjọ́ méjì fọ̀ wọ́n. A ta jẹnẹrétọ̀ ní ₦120,000. A fi èyí kékeré sílẹ̀, torí iná ilé lè gbé e, kò sì nílò ìsọ̀. Lẹ́yìn náà ni a yí ìwé sí ẹ̀yìn, a kọ àwọn tó jẹ òun náà lówó. Àpapọ̀ rẹ̀ tó ₦210,000, olóúnjẹ àti aládùúgbò tó ń gba ẹja láwìn. Ó lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí ₦78,000 gbà. Ìyókù, mo ní kó má kà á sí owó mọ́. Bó bá wọlé lọ́jọ́ kan, ó di owó àjèjì.

Owó tó wà nílẹ̀ wá jẹ́ ₦458,000.

Báwo ni ẹ ṣe pín in?

Ipa tirẹ̀ nínú oúnjẹ ilé, pẹ̀lú owó ọkọ̀, jẹ́ ₦18,000 lọ́sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé owó ilé àti owó ilé-ìwé. A yọ owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sọ́tọ̀, ₦108,000, a kò sì fọwọ́ kàn án. Ó kọ́kọ́ bínú sí mi. Ó ní báwo ni òun ṣe máa fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún pamọ́ nígbà tí òun ń jẹ gbèsè. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni ó máa fi wá iṣẹ́ láìsí pé ó ń yá owó ata.

Ó ku ₦350,000. Lóònù orí fóònù gba ₦90,000, ó parí. Onílé ìsọ̀ gbà kí ó san ₦60,000, kó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà lọ́jọ́ náà, kí òun lè fi ìsọ̀ fún ẹlòmíràn. Ó fi ìyókù jì í. Máíkírò gba ₦100,000, ó ku ₦200,000. Oníẹja tó ń já ẹja fún un láwìn gba ₦100,000, ó ku ₦380,000. Ní ẹgbẹ́ wa, a fi owó ìfipamọ́ rẹ̀ san apá kan gbèsè rẹ̀, ó ku ₦200,000. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà láti dúró.

Gbèsè tó ku wá di ₦880,000. Owó ọwọ́ tán. Ṣùgbọ́n nínú ẹni mẹ́fà tó ń wá a kiri, méjì ti kúrò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ìyókù ń pè é lọ́sẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó rí ibi tó ti ń bá èèyàn tajà ní ₦4,000 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ₦24,000. Bí a bá yọ ₦18,000 kúrò, ₦6,000 ló kù fún gbèsè. A pín in báyìí: máíkírò ₦2,500, oníẹja ₦2,000, ẹgbẹ́ ₦1,000, ẹ̀gbọ́n ₦500. Bí kò bá sí owó mìíràn tó wọlé, yóò gbà á tó ọdún méjì àti oṣù mẹ́wàá. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gan-an. Mi ò fẹ́ kí ó wá já a kulẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà torí pé ẹnì kan ti ṣèlérí ọdún kan fún un.

Báwo ni kí n ṣe bá àwọn tí mo jẹ lówó sọ̀rọ̀?

Lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá ọ. Mú ìwé lọ́wọ́, sì mú owó díẹ̀ lọ́wọ́. Má ṣèlérí iye tí ìbànújẹ́ ń tì ọ́ láti sọ. Sọ iye tí o lè san ní ọ̀sẹ̀ tó burú jù lọ nínú oṣù. Ẹni tó bá ń rí ₦2,000 gbà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé yóò fara balẹ̀ ju ẹni tí wọ́n ṣèlérí ₦20,000 fún, tí kò sì rí i. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí o sì gba rìsíìtì ní gbogbo ìgbà, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó rajà láwìn, wọ́n á ní òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ibẹ̀ ni orúkọ òṣómàáló ti wá. Ohun tí olówó ń wá lẹ́nu ọ̀nà rẹ kò yàtọ̀ lónìí: ó fẹ́ mọ̀ pé o kò sá. Nígbà tí o bá ti ń yọjú sí i fúnra rẹ, ìlóṣòó ti tán.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún. Ọ̀kan ni ẹni tó ń fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọ. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn torí pé ó da àdéhùn nìkan. Gbèsè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, kì í ṣe ti àgọ́ ọlọ́pàá, àyàfi bí jìbìtì bá wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ìwé sọ̀wédowó. Bí olówó bá ní kí o kọ sọ̀wédowó oṣù tó ń bọ̀ fún òun kí ọkàn òun lè balẹ̀, má kọ ọ́. Bí owó kò bá sí nínú àkáǹtì lọ́jọ́ tó bá gbé e lọ sí báǹkì, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, òfin sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí i láìsí àyè owó ìtanràn. Mo ti rí ẹni tí gbèsè lásán di ẹjọ́ ọ̀daràn sí lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ti báǹkì tún yàtọ̀ díẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, báǹkì tó yá ọ lówó lè gba owó rẹ̀ láti inú àkáǹtì rẹ mìíràn, ní báǹkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN, bí ọjọ́ ìsanwó bá ti kọjá. Bí o bá rò pé owó tó wà ní báǹkì kejì kò sí lójú wọn, o lè jí lọ́jọ́ kan kí o bá owó oúnjẹ níbi tó gbé ti di òfo. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o lọ bá báǹkì kí ọjọ́ tó pé, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún àdéhùn ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹlẹ́ja lọ sí máíkírò kí ọ̀gá tó gbà láti dá owó ìtanràn dúró. Lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kó wọlé.

Ṣé mo lè fi lóònù orí fóònù san gbèsè tó ń fún mi lọ́rùn jù?

Rárá. Jẹ́ kí n fi tirẹ̀ ṣàlàyé. Ó yá ₦40,000 láti fi san ti àkọ́kọ́. ₦34,000 ló wọ àkáǹtì rẹ̀, wọ́n ti yọ ìyókù kó tó dé. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ₦44,000 ni wọ́n ń bèèrè. Ìyẹn ni pé nínú ₦100 tó gbà, ó ń fi ₦29 lé e láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹja tó ń mú èrè bẹ́ẹ̀ wá ní ọjà Ìbàdàn.

Bí o bá ti wọ inú rẹ̀, san án tán kí o tó san ti ẹlòmíràn, kí o sì yọ áàpù náà kúrò lójú fóònù lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ èébú ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ, ya fọ́tò ojú fóònù, kí o sì fi sùn àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Ìlànà àjọ náà fún àwọn ayánilówó orí fóònù kò fàyè gba ìdójútì bẹ́ẹ̀. Gbèsè náà ṣì wà o, ẹjọ́ èébú kò pa á rẹ́.

Iṣẹ́ oṣù ló bọ́ lọ́wọ́ mi ní tèmi. Kí ni ẹ̀tọ́ mi kí n tó fọwọ́ kan owó ìfipamọ́?

Kọ́kọ́ wo owó àkíyèsí. Lábẹ́ Òfin Iṣẹ́, bí o bá ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọ tàbí owó oṣù kan dípò rẹ̀. Láti ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ọwọ́ ni òfin yìí kàn. Bí o bá wà nípò ọ̀gá tàbí onímọ̀, ìwé àdéhùn ìgbanisíṣẹ́ rẹ ni kí o lọ kà.

Lẹ́yìn náà ni owó ìfẹ̀yìntì. Bí o kò bá tíì pé ẹni 50 ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́ tí o kò rí òmíràn, òfin ọdún 2014 fàyè gbà ọ́ láti gba tó ìdá mẹ́rin kan nínú ohun tó wà ní àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ. Bí ₦1,200,000 bá wà níbẹ̀, ₦300,000 ni. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà ni wàá ti béèrè, pẹ̀lú lẹ́tà ìdádúró rẹ. Nítorí náà, má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu lásán dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Gba lẹ́tà náà kí o tó kúrò nínú ọgbà, kí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ sì pé, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí ka oṣù mẹ́rin.

Gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì náà kí o yẹ̀ ẹ́ wò oṣù dé oṣù. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó ti ọwọ́ rẹ wọlé, ìdá 10 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́. Mo ti rí ọkùnrin kan tí wọ́n yọ owó rẹ̀ ní gbogbo oṣù fún ọdún mẹ́rin, tí oṣù 19 péré sì wọlé. Bí tìrẹ náà bá rí bẹ́ẹ̀, PenCom, àjọ tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ni kí o kọ ìwé sí, òfin sì fi owó ìtanràn lé agbanisíṣẹ́ tó bá jókòó lé e.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ni pé kí wọ́n ṣètò oṣù mẹ́rin yẹn bíi pé owó ìfẹ̀yìntì kò sí. Bó bá wá dé, kí ó má jẹ́ gbèsè oṣù mẹ́rin ni yóò gbé e mì.

Òwò mi wà ní ìforúkọsílẹ̀ CAC. Ṣé gbèsè òwò náà lè kàn mí fúnra mi?

Bó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán, ìwọ àti òwò náà jẹ́ ọ̀kan, gbèsè rẹ̀ jẹ́ tìrẹ. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnì tó ní ìdíwọ̀n gbèsè, ti kọ́ńpìnì ni, àyàfi bí o bá fọwọ́ ara rẹ sí ìwé onídùúró. Ọ̀pọ̀ ti fọwọ́ sí i láìkà á. Wá ìwé náà jáde kí o kà á.

Níbo ni kí n máa fi owó kékeré tí mo bẹ̀rẹ̀ sí rí sí?

Bí owó kì í bá dúró lọ́wọ́ rẹ, alájọ ojoojúmọ́ dára fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Bí o bá ń dá ₦500 lójúmọ́, ọjọ́ 31 jẹ́ ₦15,500. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan, ìwọ á gba ₦15,000. Mo ka ₦500 yẹn sí owó ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí owó alájọ ju ti oṣù kan lọ, torí bó bá sá, kò sí ẹni tí yóò san án padà fún ọ. Ní báǹkì, NDIC ń dáàbò bo owó oníbàárà dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà, ó sì dé mílíọ̀nù méjì ní máíkírò.

Ṣé ẹ rántí ₦108,000 oúnjẹ? Nígbà tí owó iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wọlé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ₦54,000 ṣì kù nínú rẹ̀. Ó fẹ́ fi san gbèsè, mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ibà dá ọmọ rẹ̀ kejì gúnlẹ̀, ó ná ₦11,000. Ó yọ ọ́ níbẹ̀. Ká ní a ti fi owó yẹn san gbèsè ni, áàpù ni ì bá padà sí.

Báwo ni ti aṣọ ẹbí àti ìnáwó?

Sọ fún wọn pé o kò ní. Fi ara rẹ lọ, kí o sì bá wọn fọ abọ́. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè sọ lórí èyí.

Ìgbà wo ni mo lè tún gba ọjà láwìn?

Ní oṣù karùn-ún, ẹlẹ́ja náà àti obìnrin méjì mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí dáwó jọ ra páálí kan, wọ́n á pín in sí mẹ́ta. Ó ń kó tirẹ̀ sínú fìrísà kékeré, ó sì ń tà á níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Àdéhùn tí òun àti èmi ṣe ni pé ìdajì èrè á lọ sí gbèsè, ìdajì á di owó òwò. Owó oúnjẹ kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ jáde, torí owó iṣẹ́ ọjọ́ ló ń bọ́ ilé.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, oníẹja fúnra rẹ̀ ní kó wá gbé páálí márùn-ún láwìn. Ó pè mí. Mo bi í pé iná ìlú ti wá ń dúró ní àdúgbò rẹ̀ bí? Ó ní rárá. Mo bi í pé bí páálí mẹ́ta bá bàjẹ́ lọ́la, owó wo ni ó máa fi san án? Ó dákẹ́. Ìlànà tí mo fún un ni pé láwìn kò gbọdọ̀ ju iye tí owó òwò tirẹ̀ tó wà nílẹ̀ lè san bí gbogbo ọjà bá bàjẹ́ lóru ọjọ́ kan. Owó òwò rẹ̀ nígbà náà kò tíì tó páálí kan àtààbọ̀, nítorí náà páálí kan ni ó gbé. Ó san án ní ọjọ́ kẹta, ó gba rìsíìtì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ yẹn.